Òwú, ọ̀gbọ̀, rẹ́yọ̀n tàbí pọliẹ́sítà: aṣọ wo ló yẹ ẹni tó ń wọ ọkọ̀ èrò lójoojúmọ́ nínú ooru?

Bí èèyàn bá béèrè aṣọ tó dára fún ìgbà ooru, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún un ni pé kó wọ aṣọ òwú. Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ló bá mu jù. Ọ̀rọ̀ ẹni tó dúró nínú bọ́ọ̀sì tí èrò kún dé ẹnu ọ̀nà yàtọ̀. Níbẹ̀, atẹ́gùn kì í fẹ́ àyàfi bí ọkọ̀ bá ń sáré tí fèrèsé sì ṣí. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ náà ti gba omi kún, nítorí inú rẹ̀ ni èémí àti òógùn gbogbo èrò ń lọ. Ẹ̀yìn yín àti èjìká yín tún fara ti ẹlòmíràn, aṣọ á sì lẹ̀ mọ́ ara gbágbá. Ohun tí mo fi ń wọn aṣọ fún irú ìrìn àjò yìí ni bó ṣe ń ṣe sí omi nígbà tí kò sí atẹ́gùn, àti bó ṣe ń yára gbẹ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti sọ̀kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí òógùn ń ṣe. Ooru tó ń jáde lára ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ tó nǹkan bí 120 wọ́ọ̀tì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná tó awọ ara, ìyẹn bí 35°C, ooru yẹn kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà jáde ju kí òógùn gbẹ lọ. Kó tó lè jáde tán, òógùn tó máa gbẹ láàárín wákàtí kan gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 180 gíráàmù, tí kò ju ife omi kékeré kan lọ. Gbígbẹ ni mo wí o. Èyí tó kán sílẹ̀ láti iwájú orí tàbí tó ṣàn wọ inú bàtà kò tu ara lára rárá. Èyí tí aṣọ fà mu kò tíì ṣiṣẹ́ tirẹ̀ títí tó fi máa gbẹ kúrò lára aṣọ náà, nígbà yẹn pàápàá, apá kan ooru tó ń gbé lọ jẹ́ ti aṣọ àti ti afẹ́fẹ́ àyíká. Kò sí aṣọ tó lè fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ ọkọ̀. Ohun tó dára jù tí aṣọ lè ṣe ni kó má dí ìwọ̀nba òógùn tó fẹ́ gbẹ lọ́wọ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ún kí ẹ tó béèrè ohun tí wọ́n fi hun ún

Òwú ni jíìnsì, òwú náà sì ni pọ́púlìn tí wọ́n fi ń rán ṣẹ́ẹ̀tì. Ohun kan náà lè wà lára lébẹ́ẹ̀lì àwọn méjèèjì: òwú 100%. Ṣùgbọ́n mítà onígun mẹ́rin kan nínú jíìnsì tó nípọn máa ń wọn bí 400 gíráàmù, nígbà tí ti pọ́púlìn kì í sábà ju 110 sí 130 lọ. Ẹni tó wọ jíìnsì ti di ìlọ́po mẹ́ta aṣọ mọ́ra, omi tí aṣọ náà lè fà mu kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ òwú nìkan kò fi tó.

Ẹni tó ń ra aṣọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń rí lẹ́tà GSM lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aṣọ kan. Iye gíráàmù fún mítà onígun mẹ́rin ni nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Fún ṣẹ́ẹ̀tì tàbí bùláòsì tí a ó fi wọ ọkọ̀ èrò, 100 sí 140 ni mo máa ń wá. Fún sòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì, 150 sí 220 ti tó; aṣọ tó bá fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ níbi itan àti ìdí kì í pẹ́ ya, ó sì lè fi ara hàn.

Lẹ́yìn ìwúwo ni ìhun. Èyí tí fọ́nrán rẹ̀ ń lọ lókè kan, nísàlẹ̀ kan, tí kò sì fún pọ̀ jù, ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá jù. Aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní fóìlì àti pọ́púlìn tó fúyẹ́ wà nínú irú yìí. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dagun lójú aṣọ, bíi ti jíìnsì, ẹ mọ̀ pé fọ́nrán tó wà níbẹ̀ sábà máa ń pọ̀, ó sì máa ń fún. Aṣọ tí ojú rẹ̀ ń dán, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, kì í ní àlàfo tó bẹ́ẹ̀ láàárín fọ́nrán rẹ̀, á sì tẹ́ mọ́ awọ pẹrẹsẹ bó bá ti tutù. Irú kan tún wà tí ojú rẹ̀ ń wú níbìkan tó ń wọlé níbòmíràn, bí ẹni pé wọ́n fún un pọ̀ lójú ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an fún inú ọkọ̀: ibi tó wú kì í jẹ́ kí gbogbo aṣọ fara kan awọ, kò sì nílò áyọ́ọ̀nù.

Tí-ṣáàtì kì í ṣe aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán òòró àti fọ́nrán ìbú hun. Fọ́nrán rẹ̀ ń kọ́ ara wọn ní ìlọ́po ìlọ́po, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa fà. Ó rọrùn lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń wọn 150 sí 180, bí òógùn bá sì ti mú un, àfi kó rọ̀ dẹ̀ẹ̀ kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó rò pé tí-ṣáàtì òwú ló fúyẹ́ jù nínú àpótí òun, kó gbé e lé òṣùwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì pọ́púlìn kan tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú rẹ̀.

Fọ́nrán mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́

Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n omi tó ń mu láti inú afẹ́fẹ́ kó tó di pé ọwọ́ mọ̀ pé ó tutù. Nínú afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 65%, òwú ń mu omi tó tó bí 8% ìwúwo ara rẹ̀, ọ̀gbọ̀ ń mu bí 12%, ti rẹ́yọ̀n wà láàárín 11% sí 13%, pọliẹ́sítà kò sì ju 0.4% lọ. Ìyàtọ̀ yìí ló fà á tí pọliẹ́sítà lásán fi ń dà bí ẹni pé ó ń dá òógùn padà sára, tí òwú sì ń tuni lára ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn. Òun náà ló sì fà á tí ọ̀rọ̀ fi ń yí padà bí ìrìn náà bá pẹ́: ohun tó mu omi púpọ̀ ní omi púpọ̀ láti gbẹ.

| Aṣọ | Nínú ọkọ̀ tó há | Lẹ́yìn ọkọ̀ | Òórùn | Ibi tó kù sí |
|---|---|---|---|---|
| Òwú fẹ́lẹ́ | Ó tura títí aṣọ fi kún fún omi | Ó ń pẹ́ gbẹ | Kì í tètè rùn, ó sì ń kúrò nínú fífọ̀ | Ó ń lẹ̀, òógùn ń hàn |
| Ọ̀gbọ̀ | Ó dúró kúrò lára, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ | Ó ń yára gbẹ ju òwú lọ | Kì í tètè rùn | Ó ń rún púpọ̀ |
| Rẹ́yọ̀n | Ó tutù lọ́wọ́, ó ń rọ̀ sílẹ̀ | Ó ń pẹ́ gbẹ, ó ń wúwo | Ìwọ̀nba | Kò lágbára bí omi bá mú un, ó ń sún kì |
| Pọliẹ́sítà lásán | Ó ń lẹ̀, òógùn ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ | Ó ń yára gbẹ | Ó ń tètè rùn, òórùn sì ń mọ́ ọn lára | Kì í mu òógùn |
| Pọliẹ́sítà eré ìdárayá | Ó ń fa òógùn tẹ́ ká ojú aṣọ | Ó ń yára gbẹ jù | Bíi ti pọliẹ́sítà lásán | Kò bá gbogbo ibi iṣẹ́ mu |

Ọ̀gbọ̀ ni mo fẹ́ dúró lé, torí pé ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èèyàn lásán. Fọ́nrán rẹ̀ le ju ti òwú lọ, kì í tẹ̀ mọ́ ara wẹ́rẹ́. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí bùláòsì ọ̀gbọ̀ dúró díẹ̀ kúrò lára ibi tí ẹnì kankan kò ti fara tì yín, kódà lẹ́yìn tó ti tutù. Líle yìí kan náà ló ń jẹ́ kó rún. Ẹni tó bá fi ọ̀gbọ̀ wọ ọkọ̀ tó há, á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìlà ní ẹ̀yìn àti ní itan, kò sí áyọ́ọ̀nù tó lè dá a dúró. Bí ibi iṣẹ́ yín bá le lórí ọ̀rọ̀ ìmúra, àdàlú ọ̀gbọ̀ àti òwú tó jẹ́ ìdajì sí ìdajì máa ń rún níwọ̀nba, ó sì ṣì ń dúró kúrò lára ju òwú nìkan lọ. Mi ò gbà pé kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀gbọ̀ sílẹ̀ nítorí rírún nìkan. Aṣọ tó rún kò burú lójú tó aṣọ tó tutù lẹ́yìn dé ìdí.

Rẹ́yọ̀n ń tan èèyàn jẹ lọ́jà. Ó tutù bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó ń ṣàn sílẹ̀ lára, ó sì ń mu òógùn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí omi bá mú un, agbára rẹ̀ ń dínkù púpọ̀, okùn báàgì tó ń fà lórí èjìká tàbí ọwọ́ ẹni tó dì yín mú nígbà tí ọkọ̀ tẹ búréèkì lè ṣí ojú ìrán rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní aṣọ oparun, rẹ́yọ̀n ló sábà máa ń jẹ́: igi oparun ni wọ́n fi kẹ́míkà yọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ di fọ́nrán. Ẹ má san owó lé e bí ẹni pé ohun mìíràn ni. Fún kaba tó fẹ̀, tí kò fún níbì kankan, rẹ́yọ̀n dára. Fún bùláòsì tó ṣe rẹ́gí mọ́ ara, mi ò ní mú un.

Pọliẹ́sítà pín sí méjì, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Ti lásán, irú èyí tó pọ̀ nínú ṣífọ́ọ̀nù àti bùláòsì tó ń dán, kì í mu omi, kò sì sí ohun tó ń fa òógùn kúrò lójú kan. Ṣífọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gbà á kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìkán òógùn bá ti bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ awọ bíi náílọ̀n. Ti eré ìdárayá yàtọ̀: wọ́n ṣe fọ́nrán rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ọ̀nà kéékèèké sì wà láàárín wọn tí omi ń gbà rìn, òógùn á fi kúrò ní abíyá lọ tẹ́ sí ibi tó gbòòrò, á sì gbẹ kíá. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni òórùn. Ọ̀rá inú òógùn ń mọ́ pọliẹ́sítà lára ju òwú lọ, bakitéríà tó ń sọ ọ́ di òórùn sì ń rí ibi dúró sí. Nínú ọkọ̀ tí abíyá yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ẹlòmíràn nítorí pé ẹ di irin òkè mú, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Àdàlú òwú àti pọliẹ́sítà wà láàárín nínú ohun gbogbo: kì í rún púpọ̀, ó ń yára gbẹ ju òwú lọ, ó sì ń rùn ju òwú lọ. Bí pọliẹ́sítà inú rẹ̀ bá ti ju ìdajì lọ, mo máa ń kà á sí pọliẹ́sítà. Fọ́nrán rọ́bà tó ń fà, tí wọ́n fi 2% sí 5% rẹ̀ kún aṣọ, kò ṣe nǹkan kan sí òógùn, àmọ́ aṣọ tó ní in ni wọ́n sábà máa ń rán ní fífún, fífún yẹn sì ni ìṣòro rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń lọ sí ọ́fíìsì

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibùdókọ̀, ó ń dúró nínú bọ́ọ̀sì fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà ó ń wọ ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó ní tí-ṣáàtì òwú 180 GSM àti bùláòsì pọ́púlìn 115 GSM tó fẹ̀ díẹ̀. Tí-ṣáàtì náà gba aṣọ bíi mítà onígun mẹ́rin 1.2, nítorí náà ó ń wọn bí 216 gíráàmù. Bùláòsì gba 1.4 torí pé ó fẹ̀, síbẹ̀ kò ju 161 gíráàmù lọ.

Ká ní ìdá kan nínú mẹ́ta aṣọ ló tutù dáadáa kó tó dé, ìyẹn ẹ̀yìn, abíyá àti abẹ́ ọmú, tí omi ibẹ̀ sì tó ìwúwo aṣọ ibẹ̀ gan-an. Tí-ṣáàtì á gbé omi bí 72 gíráàmù wọ ọ́fíìsì, bùláòsì á gbé bí 54. Bí omi tí-ṣáàtì yẹn bá gbẹ láàárín wákàtí kan lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ooru tó máa gbé lọ sún mọ́ 50 wọ́ọ̀tì, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì wá láti ara obìnrin náà torí pé aṣọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti tutù tẹ́lẹ̀ nínú ọ́fíìsì, kò sì nílò rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí òtútù fi ń mú ẹni tó wọlé pẹ̀lú òógùn ju ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ lọ. Bùláòsì pọ́púlìn dára jù fún un, bùláòsì ọ̀gbọ̀ tó ń wọn bíi tirẹ̀ sì dára ju méjèèjì lọ, torí pé kì í lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn nígbà tó bá ń gbẹ.

Bí ó bá lè gbé aṣọ kejì dání, ìdáhùn yí padà: kó wọ pọliẹ́sítà eré ìdárayá nínú ọkọ̀, kó fi aṣọ ìnura nu ara kó tó pààrọ̀ rẹ̀ sí aṣọ ọ́fíìsì, kó sì na èyí tó tutù kọ́ sí ibi tó ṣófo. Kó má ṣe ká a sínú báàgì, òórùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́ á pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà níta kò ní ìṣòro ẹ̀rọ amúlétutù. Òun lè wọ òwú fẹ́lẹ́ láìbẹ̀rù, torí pé omi tó kù lára aṣọ rẹ̀ nígbà tó sọ̀kalẹ̀ á máa tù ú lára bí atẹ́gùn bá ti kàn án. Ṣùgbọ́n bó bá ń rìn púpọ̀, kó ṣọ́ sòkòtò: òwú tó tutù láàárín itan ń họ awọ. Níbẹ̀ nìkan, sòkòtò péńpé abẹ́ tó ṣe rẹ́gí, tó jẹ́ náílọ̀n tàbí pọliẹ́sítà tó ń yọ̀, sàn ju òwú lọ.

Àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ní òrùlé, funfun kò tutù ju dúdú lọ. Ibùdókọ̀ tí oòrùn ń pa ni ìyàtọ̀ yẹn wà. Ohun tí àwọ̀ ń ṣe nínú ọkọ̀ ni kó fi òógùn hàn tàbí kó bò ó. Àwọ̀ eérú àti búlúù tí kò jinlẹ̀ ló ń fi í hàn jù. Funfun, búlúù tó jinlẹ̀ gan-an àti aṣọ tó ní bátànì kéékèèké ló ń bò ó.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ na aṣọ náà sójú ìmọ́lẹ̀ ní ìpele kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láti àárín fọ́nrán ní ihò tóótòòtó, afẹ́fẹ́ á kọjá. Lẹ́yìn náà ẹ fi í bo ẹnu kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ní láti fi agbára fẹ́ ẹ, ẹ dá a padà. Ẹ fún igun rẹ̀ kan sínú ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ lè mọ bó ṣe máa rí bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ìkán omi kan lórí aṣọ ń sọ bó ṣe ń mu òógùn, ṣùgbọ́n aṣọ tuntun lè purọ́ níbí. Àwọn ohun tí wọ́n fi ń mú aṣọ le tàbí kó dán nílé iṣẹ́ ń dí omi lọ́nà, òwú tó dára gan-an lè jẹ́ kí omi jókòó sórí rẹ̀ títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fura pé aṣọ tí wọ́n pè ní òwú kì í ṣe òwú, ẹ fa fọ́nrán kan yọ, ẹ fi nǹkan onírin gbá a mú sórí abọ́ tó ní omi, kí ẹ sì fi iná kàn án. Òwú, ọ̀gbọ̀ àti rẹ́yọ̀n ń jó bíi bébà, eérú wọn sì ń fọ́ lọ́wọ́. Pọliẹ́sítà ń yọ́, ó sì ń di kókó líle. Àdàlú ń ṣe méjèèjì, ìdánwò yìí kò sì lè sọ iye tó jẹ́ fún yín.

Fún kóòtù tàbí síkẹ́ẹ̀tì, ẹ yí inú rẹ̀ síta. Mo ti rí kóòtù ọ̀gbọ̀ olówó gọbọi tí wọ́n fi láínì pọliẹ́sítà bo inú rẹ̀ láti èjìká dé ìsàlẹ̀. Láínì yẹn ló ń kan ara, òun ló sì ń pinnu gbogbo nǹkan. Èyí tí láínì rẹ̀ dúró ní èjìká àti inú apá nìkan ni kí ẹ wá.

Fífọ̀ lè ba aṣọ tó dára jẹ́. Omi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń dà sí aṣọ kó lè rọ̀ ń fi ọ̀rá bo fọ́nrán, kì í sì jẹ́ kó mu òógùn mọ́; aṣọ eré ìdárayá ló ń jìyà rẹ̀ jù. Sítáàṣì tó pọ̀ ń dí àlàfo pọ́púlìn. Pọliẹ́sítà ni kí ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó fọ̀ ọ́, lọ́jọ́ tí ẹ wọ̀ ọ́ gan-an bó bá ṣeé ṣe, nítorí òórùn tó ti sun mọ́jú nínú agbọ̀n ń ṣòro láti yọ. Rẹ́yọ̀n ni kí ẹ má lọ́. Ẹ tẹ omi kúrò lára rẹ̀ láàárín táwẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì sá a ní títẹ́.